Bí a ṣe ń gba ẹrù wọlé ní sítọ̀: láti orí síìlì títí dé àgọ́ ìyàsọ́tọ̀

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́ sítọ̀, mo buwọ́ lu wébíìlì kan ní aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Òjò ti ṣú, àwọn tó ń já ẹrù ti ń wo ọ̀nà ilé, dírẹ́bà sì ń bẹ̀ mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáìnì ẹ̀, Èkó ni mò ń padà sí." Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ó pé, kò sí èyí tó bàjẹ́," mo sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a kà á, páálí mọ́kànlá ni a kò rí, mẹ́fà mìíràn sì ti rin gbingbin. Mo pe ilé-iṣẹ́ tó kó o wá. Èsì wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ìwé tí ẹ buwọ́ lù wà lọ́wọ́ wa." Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi yọ ọ́ nínú owó oṣù mi.

Gbogbo ìlànà tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí dá lórí ìṣẹ́jú yẹn, ìṣẹ́jú tí báírò kan wébíìlì. Kí ó tó kàn án, ọrùn ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ àti ẹni tó gbé e wá ni ẹrù wà. Bí ó bá ti kàn án, ó ti bọ́ sí ọrùn yín. Àlébù tí ẹ rí tí ẹ kò kọ kí dírẹ́bà tó lọ, ẹ̀yin lẹ máa ru ú.

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà wà lójú òfuurufú, ọkọ̀ kan ni mo máa fi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tírélà onílé irin, irú èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì lẹ́yìn, ló kó tòmátò alágolo láti Èkó wá sí sítọ̀ wa ní Olúyọ̀lé, Ìbàdàn. Ohun tó wà nínú wébíìlì rẹ̀ ni páálí 1,400, agolo 24 nínú páálí kọ̀ọ̀kan, agolo kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ gíráàmù 400.

Kí ọkọ̀ tó dé

Ẹ mú ìwé ọ́dà jáde, ìyẹn ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín fi béèrè ọjà. Òun ni ẹ máa fi wé wébíìlì. Wébíìlì ń sọ ohun tí wọ́n ní àwọn kó wá, ìwé ọ́dà sì ń sọ ohun tí ẹ ní kí wọ́n kó wá. Méjèèjì lè yàtọ̀ síra. Mo ti rí i tí wébíìlì àti ẹrù bára mu rẹ́gí, síbẹ̀ tó jẹ́ pé agolo gíráàmù 70 ni wọ́n kó wá fún ẹni tó béèrè 400.

Lẹ́yìn èyí, ẹ to pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pèpéle onípákó tí a ń to ẹrù lé, sílẹ̀ níbi tí ẹ máa já ẹrù sí, kí ẹ sì pinnu iye páálí tó máa wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹrù kankan. Fún tòmátò yìí, páálí 10 la tò sí ìpele kan, ìpele 7 sì ló wà lórí pálẹ́ẹ̀tì kan. Èyí jẹ́ 70. Bí 1,400 bá pé, pálẹ́ẹ̀tì 20 ló yẹ kó kún láìṣẹ́kù. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kí gbogbo àwọn tó ń já ẹrù lè máa rí i.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ sítọ̀ kì í ṣe, ó sì ń dùn mí. Ẹni tó máa ka ẹrù kò gbọ́dọ̀ mọ iye tó wà nínú wébíìlì. Ẹ fún un ní ìwé ìkàwò tí orúkọ ọjà wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí àyè iye rẹ̀ ṣófo. Kì í ṣe pé a fura sí i. Bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé 1,400 ló ń wá, tó wá ka 1,382, ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé òun ló ṣì í kà, á sì kọ 1,400. Bí kò bá mọ nǹkan kan, ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan ló máa kọ. Wébíìlì á wà lọ́wọ́ ọ̀gá sítọ̀ títí kíkà á fi parí.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. Síìlì la kọ́kọ́ ń wò, ìyẹn ìdè onínọ́ńbà tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn pa lẹ́yìn tí wọ́n di ẹrù sọ́kọ̀. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sókè, kí ẹlòmíràn máa fi wé èyí tó wà nínú wébíìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ di síìlì náà mú kí ẹ fà á dáadáa. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gé síìlì, tí wọ́n á fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ padà; bí ẹ bá fà á, á yọ. Ẹ tún wo àwọn nọ́ọ̀tì tó di ọ̀pá ilẹ̀kùn mú. Bí ọ̀dà ara wọn bá ṣí tàbí tí wọ́n ń dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú wọn, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti tú ilẹ̀kùn láìfọwọ́ kan síìlì rárá.

Ẹ ya fọ́tò síìlì nígbà tó ṣì wà lára ilẹ̀kùn, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere. Ẹ ya òmíràn tí nọ́ńbà ọkọ̀ máa hàn nínú rẹ̀. Lójú dírẹ́bà ni kí ẹ gé síìlì náà, kí ẹ sì fi í pamọ́ sínú àpò ìwé pọ̀ mọ́ wébíìlì. Ẹ má jù ú nù.

Ìdí tí mo fi dúró pẹ́ lórí síìlì ni pé òun ló máa sọ ẹni tó máa san gbèsè. Bí síìlì bá wà bó ṣe wà, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wébíìlì mu, tí ilẹ̀kùn àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò sì ní àmì kankan, tí ẹrù wá dín, ọ̀dọ̀ ẹni tó di ẹrù sọ́kọ̀ lẹ ti máa kọ́kọ́ béèrè. Bí síìlì bá já tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lẹ máa dojú kọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá yín àti ẹni tó fi ọjà ránṣẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Síìlì tiwa lọ́jọ́ náà wà bó ṣe yẹ. Ẹ fi í sọ́kàn, a máa padà sí i.

Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ẹ fi imú ṣiṣẹ́ kí ẹ tó fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá gbóòórùn bẹntiróò, oògùn apakòkòrò tàbí kẹ́míkà, tó sì jẹ́ oúnjẹ ni wọ́n kó wá, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ pe ọ̀gá. Ẹ ya fọ́tò bí ẹrù ṣe tò kí ẹ tó mú páálí kankan kúrò. Páálí tó wó lulẹ̀ nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tiyín jù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń já a, fọ́tò yìí nìkan ló sì lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Jíjá àti kíkà

Ẹrù tó bá ti fọ́, tó tutù, tó ń jò tàbí tí páálí rẹ̀ ti ya, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ó máa lọ láti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kò gbọ́dọ̀ gorí pálẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn tó dára, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Páálí tó rin kò lágbára mọ́. Bí ó bá wà ní ìpele ìsàlẹ̀, mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, á sì tẹ̀, á mú gbogbo pálẹ́ẹ̀tì náà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kíkà ni kò mú wọn yàtọ̀: wọ́n ṣì wà lára ohun tó dé, ibi tí a tò wọ́n sí ló yàtọ̀.

Ènìyàn méjì ló ń kà, ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kọ tirẹ̀. Bí pálẹ́ẹ̀tì kan bá ti pé, ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára, 1, 2, 3, títí lọ, kí ẹ sì kọ iye tó wà lórí rẹ̀. Ẹ má máa ka ìpele láti òde nìkan kí ẹ wá sọ pé méje lọ́nà mẹ́wàá, àádọ́rin. Àárín lè ṣófo. Ẹni tó ń tò ó lè máa kánjú, ó sì lè jẹ́ jìbìtì, ṣùgbọ́n lọ́nà méjèèjì, òde pálẹ́ẹ̀tì á máa dán bí ẹni tó yó, inú rẹ̀ á sì ní ihò. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé ẹnìkan ń dúró ti pálẹ́ẹ̀tì, á máa wo ìpele kọ̀ọ̀kan látòkè kí wọ́n tó to òmíràn lé e. Bí ẹ bá ti pẹ́ dé ibẹ̀, ẹ gun àkàbà kí ẹ wo ojú ìpele òkè, kí ẹ sì fi ọwọ́ ti páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀. Èyí tí ihò wà lẹ́yìn rẹ̀ á wọlé.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, olùkà kìíní kọ pálẹ́ẹ̀tì 19 tó kún, páálí 31 lórí pálẹ́ẹ̀tì 20, àti páálí 23 tó bàjẹ́ tí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,384. Olùkà kejì kọ 1,382. A kò bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ìwé méjèèjì la gbé síra, pálẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan la fi ń wéra. Pálẹ́ẹ̀tì 13 ni wọ́n ti yàtọ̀: ẹnìkan kọ 70, ẹnìkejì kọ 68. A tú u. Páálí kan kò sí láàárín ìpele kẹta, kan kò sí láàárín ìpele kẹrin. 1,382 ló jẹ́. Ìgbà yìí ni ọ̀gá sítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wébíìlì jáde. Páálí 18 ló dín.

Bí ọkọ̀ bá ti ṣófo tán, ohun kan ṣì kù kí ẹ tó dá dírẹ́bà sílẹ̀. Kí ẹnìkan wọ inú rẹ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn níta, kó má kúrò níbẹ̀ rárá. Bí ihò bá wà lára òrùlé tàbí lára ògiri, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé. Páálí 14 ló tutù nínú ẹrù wa, apá ọ̀tún níwájú ni gbogbo wọn sì ti jáde. Nígbà tí a ti ilẹ̀kùn, a rí ojú ìmọ́lẹ̀ bíi mẹ́ta ní òrùlé gẹ́lẹ́ lókè ibẹ̀. Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ wọlé, ó rí i, ó ní, "Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ. Òjò gbá wa ní ojú ọ̀nà." A ya fọ́tò ihò náà. Ọ̀rọ̀ ta ló jẹ̀bi omi parí níbẹ̀.

Ṣíṣí páálí wò

Kíkà kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí díẹ̀ wò nínú èyí tó dà bíi pé ó dára. Iye tí a máa ń ṣí, ohun tí ọ̀pọ̀ sítọ̀ ń lò ni pé kí a wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, á súnmọ́ iye ẹrù, kí a wá fi ọ̀kan kún un. 37 lọ́nà 37 jẹ́ 1,369, ó súnmọ́ 1,382. Ẹ fi ọ̀kan kún un, ó di páálí 38. Àṣà iṣẹ́ lèyí, kì í ṣe ìṣirò tó lè dáàbò bo oògùn tàbí oúnjẹ ọmọdé. Àwọn yẹn ní ìlànà tó le ju báyìí lọ. Fún ohun bíi tòmátò, ó máa ń tó láti tú àṣírí ẹrù tí wọ́n dà pọ̀. Ẹ mú un káàkiri gbogbo pálẹ́ẹ̀tì, ẹ má mú gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀kan tó súnmọ́ yín.

Nínú páálí tí ẹ ṣí, iye agolo lẹ máa kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà lẹ máa wo ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà báàṣì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ ìparí ìlò. Ẹ wo ara páálí, kí ẹ sì wo ara agolo fúnra rẹ̀, nítorí páálí tuntun lè gbé agolo àtijọ́. Nọ́ńbà báàṣì tó wà lára agolo ni kí ẹ kọ sínú ìwé.

Ní ti ọjọ́, ẹ má kàn wò ó pé kò tíì kọjá. Ẹ béèrè pé ìdá mélòó ló kù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo Excel, tí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà ní C2, tí ọjọ́ ìparí ìlò wà ní D2, ẹ kọ èyí:

```
=(D2-TODAY())/(D2-C2)
```

Ohun tí oṣù 24 jẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀, tó ti lo oṣù 6, á fún yín ní bíi 0.75. Tó bá ti lo 18, á fún yín ní bíi 0.25, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tún un pín fún àwọn aláròóbọ̀ kò ní rí ẹni gbà á lọ́wọ́ yín. Lọ́dọ̀ tiwa, ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ 0.6, a kì í gbé e sórí àtẹ títí ẹni tó ń ra ọjà fún ilé-iṣẹ́ wa fi máa buwọ́ lù ú pé òun mọ̀ sí i. Kí iye yìí ti wà nínú àdéhùn yín pẹ̀lú ẹni tó ń fi ọjà ránṣẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kò ní ẹsẹ̀ tí ẹ máa fi dúró.

Kíkọ àìbáramu sílẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má kọ "ó dín díẹ̀" tàbí "àwọn kan bàjẹ́" sórí wébíìlì. Ẹni tó bá kà á lẹ́yìn oṣù méjì kò ní mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ohun tí a kọ sórí tiwa nìyí, gbogbo ẹ̀dà wébíìlì la sì kọ ọ́ sí, títí kan èyí tí dírẹ́bà ń mú lọ:

"A gba páálí 1,382 nínú 1,400. Ó dín 18 (méjìdínlógún). Nínú 1,382 tí a gbà, 23 (mẹ́tàlélógún) bàjẹ́: 14 tutù, 9 tẹ̀. Síìlì pé, nọ́ńbà rẹ̀ bá wébíìlì mu. Ihò mẹ́ta wà ní òrùlé ọkọ̀ lápá ọ̀tún níwájú, dírẹ́bà rí i."

A kọ nọ́ńbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kí 18 má baà di 13 tàbí 10 lójú ọ̀nà. Dírẹ́bà kọ orúkọ rẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó kọ aago. Bí dírẹ́bà bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ẹ má bá a jà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "dírẹ́bà kọ̀ láti buwọ́ lù ú," kí ẹlẹ́rìí méjì buwọ́ lù ú, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́gbà. Òǹtẹ̀ tó bá ní "A gbà á ní pípé, ó wà ní ipò tó dára" lára, ẹ kó o kúrò lórí tábìlì lọ́jọ́ tí ẹrù bá ní àlébù. Òǹtẹ̀ yẹn máa ń ba gbogbo ohun tí ẹ fi ọwọ́ kọ jẹ́.

Ìwé àìbáramu gan-an ni ẹ máa kọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá lọ, kí ó sì jáde láàárín wákàtí 24. Nọ́ńbà ìwé ọ́dà, wébíìlì, síìlì àti ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wà lókè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìlà kan fún àlébù kan. Ẹ má da àìtó pọ̀ mọ́ ìbàjẹ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹni tó máa san wọ́n yàtọ̀. Nínú tiwa, àìtó 18 lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fi ọjà ránṣẹ́, torí síìlì pé. Páálí 14 tó tutù lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, torí òrùlé jò. Páálí 9 tó tẹ̀ ló fa àríyànjiyàn díẹ̀: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní ẹni tó di ẹrù kò tò ó dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tí a yà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí fi hàn pé páálí náà ti wà lábẹ́ ìtò tó ga dé òrùlé, láìsí ohun tó dì wọ́n mú. Ẹni tó di ẹrù ló gbà á.

Àlébù kan wà tí kì í hàn lójú ọjọ́ náà. Ẹ lè ṣí páálí tó dára lóde lẹ́yìn ọjọ́ méjì kí ẹ rí agolo tó ń jò nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nínú páálí yẹn láìtíì kó o jáde, kí ẹ pa páálí náà mọ́, kí ẹ sì fi ìwé ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Irú ẹjọ́ báyìí ṣòro láti jàre ju ti ojú ẹsẹ̀ lọ, torí wọ́n á ní sítọ̀ yín ló bà á jẹ́. Ẹ wo àdéhùn yín kí ẹ mọ iye ọjọ́ tí ó fún yín.

Àgọ́ ìyàsọ́tọ̀

Àgọ́ ìyàsọ́tọ̀ ni ibi tí ẹrù tó ní àlébù ń wà títí a fi máa pinnu lé e lórí. Tiwa jẹ́ igun kan tí a fi wáyà onírin yí ká, tí a kun ilẹ̀ rẹ̀ ní pupa, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni yẹn kì í ṣe ẹni tó ń kó ọjà fún oníbàárà. Bí ẹ kò bá ní àyè púpọ̀, wáyà àti kọ́kọ́rọ́ ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe tóbi lọ. Ìlà tí a fi ọ̀dà fà sílẹ̀ nìkan kò dá ẹnikẹ́ni dúró nígbà tí oníbàárà bá ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé ọjà òun kò pé.

Páálí 23 yẹn wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, a sì so káàdì mọ́ wọn: ọjọ́, orúkọ ọjà, nọ́ńbà báàṣì, iye, ìdí tó fi wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìwé àìbáramu, orúkọ ẹni tó gbé e wọlé. Káàdì àwọ̀ òféèfèé fún ohun tí a kò tíì pinnu lé lórí, pupa fún èyí tí a ti pinnu pé kò ní padà sórí àtẹ láéláé. Ní inú kọ̀ǹpútà náà, ẹ kó wọn sí ibì kan tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀. Páálí 1,359 nìkan ló gbọ́dọ̀ hàn sí àwọn tó ń tà. Bí ẹ bá kọ 1,382 síbẹ̀, ẹnìkan á tà á, ẹ̀yin lẹ máa wá 23 tí kò sí.

Èyí tó ń jò, ẹ kó o sínú abọ́ oníke tàbí ọ̀rá tó nípọn, nílẹ̀ ni kí ó wà, ẹ má gbé e lé orí ohunkóhun. Omi tòmátò tó bá kán sára agolo mìíràn á mú un dípẹtà, á sì kó èèrà àti eṣinṣin wọlé.

Agolo tó wú nìkan ni mo máa ń bẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ lé lórí. Gáàsì ló mú un wú. Ó lè jẹ́ kòkòrò àìfojúrí tó ń dàgbà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ kíkan tòmátò tó ń jẹ irin agolo. Ẹ kò lè fi ojú mọ èwo ni. Ẹ má gún un láti wò ó, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni mú un lọ sílé torí pé "ó kàn wú díẹ̀ ni." Pupa ni káàdì rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ṣíṣà á, kí àgọ́ tó ṣófo

Ẹ má jẹ́ kí nǹkan pẹ́ nínú àgọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ méje ni. Àwọn tó tutù gan-an kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, torí ìpẹtà kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ létí agolo. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dúró de èsì ẹni tí ẹ kọ̀wé sí, bóyá ó fẹ́ wá fojú rí i. Bí ẹ bá tú u kí ó tó wò ó, ó lè ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, a gba èsì pé kí a ṣà á. Páálí 23 jẹ́ agolo 552. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la mú sójú ìmọ́lẹ̀. Agolo tó kàn tẹ̀ díẹ̀ láàárín ara, tí kò ní igun mímú, a lè gbà á. Èyí tó tẹ̀ lójú ìsopọ̀ ẹ̀gbẹ́ tàbí létí òkè àti ìsàlẹ̀, a kì í gbà á, bó ti wù kó kéré mọ, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń rí ọ̀nà wọlé láìjẹ́ pé ẹ rí i. Èyí tó dípẹtà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún: bí ìpẹtà bá kúrò tí ara agolo sì jọ̀lọ̀, ó dára, bí ó bá fi ihò tàbí ojú ṣákaṣàka sílẹ̀, kò dára.

Nínú 336 tó wà nínú àwọn páálí tó tutù, 300 dára, 36 kò dára. Nínú 216 tó wà nínú àwọn tó tẹ̀, 148 dára, 68 kò dára. Èyí tó dára lápapọ̀ jẹ́ 448. Báàṣì kan náà ni gbogbo wọn, nítorí náà a lè tún wọn dì sínú páálí tuntun: 18 páálí, ó ku agolo 16. Bí báàṣì bá yàtọ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀ sínú páálí kan, kódà bí àyè bá ṣófo, torí bí ilé-iṣẹ́ bá pe báàṣì kan padà lọ́la, ẹ kò ní mọ páálí tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára páálí tuntun pé a tún un dì, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà báàṣì àti ọjọ́ ìparí ìlò sí i.

Agolo 104 ló kù fún pípa run. Ẹ má fi wọ́n fún ẹni tó ń kó pàǹtí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí agolo tó tẹ̀ lórí tábìlì ìyá kan lójú ọjà, tí ìwé ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ roro. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọjà ló yẹ kí ó kó wọn padà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pa á run, ẹ kàn sí NAFDAC kí wọ́n mójú tó o, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àìbáramu.

Kí ẹ tó pa fáìlì náà dé, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di agolo, kí ẹ wò ó bóyá ó padà sí iye tí wébíìlì kọ. Wébíìlì ní páálí 1,400, ìyẹn agolo 33,600. Èyí tó wà lórí àtẹ báyìí jẹ́ páálí 1,359 pẹ̀lú 18 tí a tún dì, 1,377, ìyẹn 33,048. Ẹ fi 16 tó ṣẹ́kù kún un, ó di 33,064. Ẹ fi 104 tí a pa run kún un, 33,168. Páálí 18 tí kò dé jẹ́ agolo 432. Ó di 33,600. Bí iye yìí kò bá jáde, kódà pẹ̀lú agolo kan, fáìlì náà ò tíì ṣeé pa dé.